Láti Igun Dé Igun: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìbú àti Gíga Tẹlifíṣọ̀n

Nọ́ńbà tó máa ń wà lára páálí tẹlifíṣọ̀n, bíi 32, 43 tàbí 55, kì í ṣe ìbú rẹ̀, kì í sì í ṣe gíga rẹ̀. Gígùn ìlà tó dábùú ojú rẹ̀ ni, láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì, íńṣì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Kò sí ìlà mìíràn téèyàn lè fà sójú tẹlifíṣọ̀n kan tó gùn jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá pè é ní ìbú fi máa ń rò pé ohun tí òun fẹ́ rà fẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n 55 íńṣì kò fẹ̀ tó 55 íńṣì rárá. Nǹkan bí 48 íńṣì ni ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 27.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n sáàárín ojú fèrèsé méjì, tàbí tó fẹ́ kí káfíńtà kan kọ́bọ́ọ̀dù yí i ká. Ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìlà igun-sí-igun ṣe. Ìbú àti gíga ni wọ́n mọ̀. Ó dùn mọ́ni pé ìṣirò tó ń sọ ọ̀kan di èkejì kò le, ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù sì lè ṣe é tán kí ọlọ́jà tó dáhùn pé èló ni jálẹ̀.

Ọ̀nà ìwọ̀n yìí ti pẹ́ ju tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní lọ. Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tó wọlé àwọn èèyàn, ìgò ńlá kan ló ń gbé àwòrán jáde, iwájú ìgò náà sì rí rìbìtì. Ohun tó bá rí rìbìtì kò ní ìbú tó yàtọ̀ sí gíga, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni kí wọ́n na tépù gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwòrán onígun mẹ́rin ni wọ́n ń tàn sínú rìbìtì yìí. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán náà bá ti kan etí ìgò, ìwọ̀n tó gba àárín ìgò kọjá àti ìwọ̀n àwòrán láti igun dé igun á di ọ̀kan náà. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ìgò onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ìgò rìbìtì, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é kò yí ìwọ̀n wọn padà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àṣà igun-sí-igun ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun náà ló sì bá àwọn àpótí tẹlifíṣọ̀n wọ ilé wa.

Àwọn oníṣòwò kò ní ìdí láti pa àṣà náà tì, nítorí nọ́ńbà tó tóbi jù ló ń dá lé ọjà wọn. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ di ti òfin ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìwà àwọn oníṣòwò níbẹ̀ pàṣẹ pé bí ìpolówó bá dárúkọ ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n, ìbú àwòrán tó hàn síta ni kó jẹ́, àyàfi bí olùpolówó bá sọ ọ́ gbangba pé ọ̀nà mìíràn lòun gbà wọ̀n ọ́n. Inú "àyàfi" yẹn ni gbogbo wọn gbà jáde. Wọ́n ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wọn pé igun-sí-igun ni, nọ́ńbà ńlá náà sì dúró síbi tó wà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2018, ìwọ̀n igun-sí-igun ti mọ́ gbogbo èèyàn lára débi pé àjọ náà fagi lé òfin ọ̀hún.

Nọ́ńbà igun-sí-igun nìkan kò lè sọ bí tẹlifíṣọ̀n ṣe fẹ̀ tó tàbí bó ṣe ga tó. Pátákó méjì lè ní ìlà igun-sí-igun kan náà, kí ọ̀kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìbú àti gíga tó dọ́gba. Ohun kejì téèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí ìbú ṣe jẹ́ sí gíga. Nínú ìtàn tẹlifíṣọ̀n, ìrísí méjì ló ṣe pàtàkì: ti àtijọ́, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìpín 4 nígbà tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìpín 3, àti ti òde òní, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìpín 16 nígbà tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìpín 9. Ti àtijọ́ ló rọrùn jù, ó sì yẹ kéèyàn tibẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn bíríkìlà mọ ìṣirò yìí láìsí pé wọ́n ṣí ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí igun ìpìlẹ̀ ilé pé, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí okùn kejì, wọ́n á sì na tépù láti àmì kan dé èkejì. Bí tépù bá kà 5 gẹ́lẹ́, igun náà ti pé nìyẹn. Bí ó bá dín tàbí tó lé, wọ́n á sún okùn títí yóò fi bọ́ sí 5. Ìdajì ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ gan-an ni wọ́n ń yà sílẹ̀ yẹn: ìbú jẹ́ 4, gíga jẹ́ 3, láti igun dé igun sì jẹ́ 5. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó jẹ́ 20 íńṣì kàn máa pín 20 sí ọ̀nà 5 ni, á rí i pé ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 4. Ìpín mẹ́rin ní ìbú jẹ́ 16 íńṣì, ìpín mẹ́ta ní gíga sì jẹ́ 12.

Ohun tó mú kí 3, 4 àti 5 bá ara wọn mu ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Pitagọ́rásì pè nínú ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Bábílónì ti ń lò ó ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí wọ́n tó bí ọkùnrin náà. Bí igun ibi tí ìbú àti gíga ti pàdé bá pé, tí a fi ìbú sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a fi gíga sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì ro méjèèjì pọ̀, ohun tí a ó rí ni iye tí ìlà igun-sí-igun yóò fún wa bí a bá fi òun náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 9, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16, àròpọ̀ wọn jẹ́ 25, márùn-ún lọ́nà márùn-ún náà sì nìyẹn.

Tẹlifíṣọ̀n òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń múra àtidá irú tẹlifíṣọ̀n tuntun tí àwòrán rẹ̀ máa mọ́lẹ̀ kedere sílẹ̀, Kerns Powers, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, kó oríṣiríṣi ìrísí àwòrán tó wà lóde nígbà náà jọ, láti orí 4 sí 3 ti tẹlifíṣọ̀n dé orí ti sinimá tó fẹ̀ gan-an. Ó sọ gbogbo wọn di onígun mẹ́rin tó gba àyè kan náà, ó sì tò wọ́n léra wọn kí àárín wọn lè ṣe déédéé. Ó rí i pé onígun mẹ́rin tó lè gba gbogbo wọn sínú, àti onígun mẹ́rin kékeré tí gbogbo wọn jọ bò, ìrísí kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ìrísí náà sì súnmọ́ 16 sí 9 pẹ́kípẹ́kí. Èyí ló di ti gbogbo ayé. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tuntun kan nínú ọjà lónìí tí kì í ṣe 16 sí 9.

Òfin Pitagọ́rásì kò yí padà nítorí ìyẹn. Mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ 256, mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 81, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 337. Kò sí nọ́ńbà odidi tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó jẹ́ 337, àmọ́ 18.36 súnmọ́ ọn débi pé kò sí káfíńtà tó máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ìbú bá jẹ́ ìpín 16, tí gíga jẹ́ ìpín 9, ìlà igun-sí-igun yóò jẹ́ ìpín 18 àti díẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n 55 íńṣì ló dára jù láti fi dán an wò. Fi 18.36 pín 55, ohun tó máa jáde kò fi nǹkan kan dín sí 3. Èyí já sí pé ìpín kọ̀ọ̀kan lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn jẹ́ íńṣì mẹ́ta. Ìpín 16 ní ìbú jẹ́ 48 íńṣì, ìpín 9 ní gíga sì jẹ́ 27. Ẹni tó bá ti mọ èyí sórí lè fi díwọ̀n àwọn yòókù láìlo ẹ̀rọ ìṣirò, nítorí ohun tó bá kéré sí 55 ní ìlà igun-sí-igun yóò kéré ní ìbú àti gíga ní ìwọ̀n kan náà.

Fún ẹni tó fẹ́ iye tó ṣe déédéé, ó rọrùn láti ṣe ìpín náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì pa èsì rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi 18.36 pín 16, a ó rí 0.872 bí a bá gé e kúrú. Bí a bá sì fi pín 9, a ó rí 0.490. Ìyẹn ni pé ìbú tẹlifíṣọ̀n òde òní kò ju ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà ara páálí, gíga rẹ̀ kò sì tó ìdajì nọ́ńbà náà. Ohun tó kù ni pé tépù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń kà á, nígbà tí íńṣì ṣì wà lára páálí. Láti ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń lo íńṣì ti fẹnu kò pé íńṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54 gẹ́lẹ́. Bí a bá fi 2.54 sọ àwọn iye méjèèjì yẹn di púpọ̀, a kò ní nílò ju ìṣísẹ̀ kan lọ mọ́ láti orí páálí dé ara ògiri:

```
ìbú (cm)  = íńṣì × 2.214
gíga (cm) = íńṣì × 1.245
```

Pẹ̀lú èyí, tẹlifíṣọ̀n 32 íńṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70.8 ní ìbú àti 39.8 ní gíga. Tẹlifíṣọ̀n 43 jẹ́ 95.2 àti 53.5. Tẹlifíṣọ̀n 65 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 143.9, ó sì ga tó 80.9. Ẹni tó bá gbàgbé 1.245 lè fi 1.25 dípò rẹ̀ láìséwu, nítorí àṣìṣe rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n 65 kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ìgbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n sí, tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtajà. Ká ní kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nínú pálọ̀ tí àyè àárín rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì ga tó 75. Onílé fẹ́ 55 íńṣì. 55 lọ́nà 2.214 jẹ́ bí sẹ̀ǹtímítà 121.8, ìbú ojú rẹ̀ nìkan sì ti ju àyè náà lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì. Gíga rẹ̀, 68.5, ì bá wọlé, àmọ́ kò sí bí gíga ṣe lè ran ìbú lọ́wọ́. Onílé á wá sọ̀ kalẹ̀ sórí 50. Ìbú ojú tẹlifíṣọ̀n 50 jẹ́ 110.7. Ó wọlé, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí, nítorí ojú tó ń tàn nìkan ni ìṣirò ń sọ. Etí dúdú tó yí ojú náà ká wà lẹ́yìn ìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í ní etí tó nípọn, ṣùgbọ́n bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà kan sí apá kọ̀ọ̀kan, 110.7 ti di nǹkan bí 112.7. Àyè tó ṣẹ́kù kò tó mẹ́rin ní apá ọ̀tún, kò tó mẹ́rin ní apá òsì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò tó ń bá tẹlifíṣọ̀n wá ló sì ń béèrè pé kí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn kan máa ń fojú di ìlànà yìí, pàápàá bí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bá ṣí sílẹ̀. Nínú pálọ̀ tó máa ń móoru látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù, ìwé ìlò ló yẹ kéèyàn gbọ́ tirẹ̀.

Bí a bá gbọ́ tirẹ̀, ìṣirò náà á yí padà sẹ́yìn. Yọ ogún kúrò nínú 120, ó ku 100. Yọ méjì fún etí, ó ku 98. Fi 2.214 pín 98, ó jẹ́ 44 àti díẹ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n 44 íńṣì tó wọ́pọ̀ nínú ọjà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni 43, òun ló sì bá kọ́bọ́ọ̀dù náà mu. Ìbú rẹ̀ pẹ̀lú etí jẹ́ nǹkan bí 97, gíga rẹ̀ pẹ̀lú etí kò sì ju bíi 56 lọ nínú àyè tó ga tó 75. Kọ́bọ́ọ̀dù tí onílé rò pé ó máa gba 55, tí ìṣirò ojú nìkan ní ó máa gba 50, 43 gan-an ni tirẹ̀. Bí káfíńtà kò bá tíì kàn án, yóò dára kí wọ́n mú àyè náà fẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 145, nítorí 55 tí ìbú rẹ̀ pẹ̀lú etí jẹ́ bíi 124, pẹ̀lú ogún fún afẹ́fẹ́, jẹ́ 144.

Ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tún jẹ́ ìṣòro ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àìpẹ́ yìí kì í ní ìdí kan ṣoṣo láàárín mọ́. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan súnmọ́ òpin apá ọ̀tún, èkejì súnmọ́ òpin apá òsì. Tábìlì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 100 lè gbé ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n 55 láìsí wàhálà, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà má rí ibi tẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ìṣirò kankan tó lè fi nọ́ńbà igun-sí-igun mọ àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Inú ìwé ìlò ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni gíga tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri ló bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Nọ́ńbà méjì kan tún wà lára páálí tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Èkíní ni sẹ̀ǹtímítà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ íńṣì. Ẹni tó bá rí 43 íńṣì àti 108 sẹ̀ǹtímítà lórí páálí kan lè rò pé 108 ni ìbú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igun-sí-igun náà ṣì ni, èdè ìwọ̀n nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ìbú rẹ̀ wà ní ìtòsí 94 tàbí 95.

Èkejì fara pa mọ́ sínú àpẹẹrẹ yẹn gan-an. Bí a bá fi 2.54 pín 108, a ó rí 42.5, kì í ṣe 43. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n a máa gbé nọ́ńbà sókè sí odidi tó súnmọ́ ọn, tí wọ́n á wá tà á gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ 43. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní 32 ṣe jẹ́ 31.5 ní ti gidi. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, nítorí ìwọ̀n gidi máa ń wà nínú ìwé tó bá a wá, ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí ìbú 32 kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ṣùgbọ́n fún àyè tó há, sẹ̀ǹtímítà kan tó láti sọ bẹ́ẹ̀ ni di bẹ́ẹ̀ kọ́, àǹfààní ẹni tó ń rà á sì ni ìyàtọ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́: tẹlifíṣọ̀n á kéré díẹ̀ sí ohun tí ìṣirò sọ, kò ní tóbi jù ú lọ.

Ojú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tún yàtọ̀ sí àwòrán tó ń hàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe àfihàn eré àtijọ́ kan tí wọ́n yà ní ìrísí 4 sí 3, tẹlifíṣọ̀n 32 kò lè fi gbogbo ìbú rẹ̀ hàn án láìfà á gbọọrọ. Gíga rẹ̀ nìkan ni àwòrán náà máa kún, òkùnkùn á sì wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Gíga 32 jẹ́ íńṣì 15.7, àwòrán 4 sí 3 tó ga tó bẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 20.9, láti igun dé igun rẹ̀ sì jẹ́ bíi 26. Ẹni tó ra 32 láti máa wo eré àtijọ́ nìkan, tẹlifíṣọ̀n 26 ló ń wò. Ohun tó fà á náà nìyí tí àwọn tó ju tẹlifíṣọ̀n ìgò 32 sílẹ̀ tí wọ́n sì ra pẹlẹbẹ 32 fi sọ pé tuntun yìí dà bíi pé ó kéré. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlà igun-sí-igun méjèèjì dọ́gba lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ìrísí bá ṣe ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni àyè inú rẹ̀ ń dín kù. Lórí 32, àyè inú 16 sí 9 fi bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti 4 sí 3.

Fíìmù sinimá tó fẹ̀ ju 16 sí 9 lọ máa ń ṣe òdìkejì, ó ń fi òkùnkùn sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n 55, fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.39 gíga rẹ̀ kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 51 lọ nínú 68.5 tó wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà kò bà jẹ́, kò sì sí bọ́tìnì kan tó lè tún un ṣe láìgé lára àwòrán.

Àwọn tó ń ra tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ ni ìṣirò yìí wúlò fún jù, nítorí páálí kì í sábà bá tòkunbọ̀ wá. Ẹnu ọlọ́jà ni nọ́ńbà ń ti jáde, ẹnu kì í sì í ṣe tépù. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nínú ìwọ̀n wọn. Àwọn kan ń wọn láti etí ike dé etí ike, kì í ṣe láti ibi tí iná ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì lè fi íńṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, pàápàá lára àwọn pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ tí etí wọn nípọn. Àwọn mìíràn kàn máa ń dá nọ́ńbà tó tóbi ju ti gidi lọ.

Kò pọn dandan kéèyàn na tépù láti igun dé igun kó tó mọ òótọ́. Ìlà igun-sí-igun ṣòro ó wọ̀n fún ẹnì kan ṣoṣo, nítorí tépù á máa tẹ̀ láàárín, ẹni tó dì í mú lápá kejì sì lè fi sórí etí ike láìmọ̀. Ìbú rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n náà, kí wọ́n wọn ibi tó ń tàn láti òsì sí ọ̀tún ní sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì fi 2.214 pín in. Bí ọlọ́jà bá ní 43 ni, tí tépù wá ka 88.5, ìdáhùn á jẹ́ 40, kò sì sí àlàyé kankan nípa ẹgbẹ́ ìwọ̀n tó lè gbé 40 di 43. Ẹni tó bá fẹ́ túbọ̀ dájú lè wọn gíga pẹ̀lú, kí ó sì fi pín ìbú. Bó bá jẹ́ 1.78 tàbí tó súnmọ́ ọn, 16 sí 9 ni ojú rẹ̀, ìṣirò náà sì bá a mu. Bó bá jẹ́ 1.33, ìrísí àtijọ́ ni. Kí ó fi 2.032 pín ìbú dípò 2.214.

Íńṣì mẹ́ta péré ló wà láàárín 40 àti 43 lẹ́nu, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lé e ju ti íńṣì mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àyè tó ń bá a lọ. Ìbú àti gíga jọ ń dàgbà ni, nítorí náà ojú 43 fi nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti 40. Kí ẹni tó ń lọ sọ́jà mú tépù dání, kí ó sì wọn ìbú ojú tẹlifíṣọ̀n kí ó tó dúnàádúrà.